Bí a ṣe ń ka ojú áàpù eré ìdárayá tí a kọ ní èdè mìíràn: òṣùwọ̀n, ìpele ìlùkìkì ọkàn àti ìkìlọ̀ nípa gbígbé àkọsílẹ̀

Ẹni tí kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ áàpù eré ìdárayá rẹ̀ kò ní láti túmọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kí ó tó lè lò ó dáadáa. Ohun mẹ́ta ló yẹ kó yé e yékéyéké: ohun tí nọ́ḿbà kọ̀ọ̀kan ń wọ̀n, ibi tí áàpù ti rí ìpele tó sọ pé ọkàn rẹ̀ wà, àti apá ibi tí ọ̀nà ti dí nígbà tí ìkìlọ̀ bá jáde pé àkọsílẹ̀ kò tíì kọjá láti inú aago dé inú fóònù. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ìtọ́sọ́nà yìí, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ áàpù máa ń gbé jáde nígbà tí wọn kò bá ní èdè ẹni tó ń lò wọ́n. Ibi tí Faransé tàbí Jámánì bá ti yàtọ̀ ní ọ̀nà tó lè ṣini lọ́nà, mo tọ́ka sí i.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹnì kan tí ó jẹ́ ẹni ọdún 45, tí ó wọn kìlógíráàmù 70, tí ọkàn rẹ̀ sì máa ń lù ní ìgbà 65 láàárín ìṣẹ́jú kan nígbà tó bá sinmi. Ó sáré tán, ó tẹ aago ọwọ́ rẹ̀ dúró, ó ṣí áàpù, ohun tó sì rí nìyí:

```
Distance      5.02 km
Time          32:38
Avg Pace      6:30 /km
Avg HR        148 bpm
Calories      365 kcal
```

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka ohun tó tẹ̀lé nọ́ḿbà kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀

Àmì kékeré tó wà lẹ́yìn nọ́ḿbà ni òṣùwọ̀n, òun ló sì rọrùn jù láti dá mọ̀, nítorí pé bí èdè bá tilẹ̀ yí padà, àmì náà kì í sábà yí padà. "km" ni kìlómítà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Jámánì bákan náà. "mi" ni máìlì, "m" nìkan ni mítà, "ft" sì ni ẹsẹ̀ bàtà, èyí tí wọ́n fi ń wọn bí òkè tí a gùn ṣe ga tó. Ẹni tó bá mọ̀ pé "mi" kì í ṣe mítà ti bọ́ lọ́wọ́ àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù, nítorí pé máìlì kan jẹ́ kìlómítà 1.609, ìyàtọ̀ náà sì tóbi púpọ̀.

Iye ìgbà tí ọkàn ń lù láàárín ìṣẹ́jú kan ni "bpm" ń sọ. Èyí ni àmì tó máa ń yí padà jù láti èdè kan sí èkejì: ní Jámánì, ẹ lè rí "S/min", ní Sípáníìṣì, ẹ lè rí "ppm" tàbí "lpm", bẹ́ẹ̀ ni Faransé àti Sípáníìṣì máa ń kọ "FC" níbi tí Gẹ̀ẹ́sì kọ "HR", tí í ṣe ìlùkìkì ọkàn. Ọ̀nà tó dájú láti dá a mọ̀ ni pé kí ẹ wá àwòrán ọkàn kékeré tó sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì wo bí nọ́ḿbà náà ti tó. Bí àgbàlagbà bá ń sáré, nọ́ḿbà náà máa ń wà láàárín 100 sí 190. Bí ẹ bá rí nọ́ḿbà bíi 165 tó ní "spm" lẹ́yìn, iye ìgbà tí ẹsẹ̀ yín kan ilẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan nìyẹn, kò kan ọkàn. Ẹ fi méjèèjì sọ́kàn, nítorí a ó tún padà sí wọn.

"6:30 /km" ló máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Ìlà wínníwínní tó ṣáájú "km" túmọ̀ sí "fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan", nítorí náà, ẹni yìí lo ìṣẹ́jú mẹ́fà àti ààbọ̀ láti sá kìlómítà kan. Àwọn áàpù kan á kọ ọ́ báyìí: 6'30". Bí nọ́ḿbà yìí bá ṣe kéré tó ni eré ṣe yá tó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí "km/h", kìlómítà tí a lè sá ní wákàtí kan ni, ibẹ̀ sì ni nọ́ḿbà ńlá ti túmọ̀ sí eré tó yá. Eré sísá tí a ń wò yìí yóò di 9.2 km/h. Eré kan náà ni 6:30 àti 9.2, ẹni tí kò bá wo òṣùwọ̀n lè rò pé òun ti yára sí i nígbà tó jẹ́ pé ojú ìwé mìíràn ló ṣí.

Kí ẹ lè mọ̀ dájú pé òṣùwọ̀n tí ẹ rò ni, ẹ ṣe ìṣirò kékeré kan. Ìṣẹ́jú 32 àti ìṣẹ́jú àáyá 38 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 1,958. Ẹ pín in sí 5.02, ẹ ó rí 390, tí í ṣe ìṣẹ́jú mẹ́fà àti ààbọ̀ gan-an. Nọ́ḿbà mẹ́ta náà bára mu. Bí áàpù bá ti yí padà sí máìlì, eré kan náà yóò hàn báyìí:

```
Distance      3.12 mi
Time          32:38
Avg Pace      10:28 /mi
```

Àkókò kò yí padà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a sá dà bí ẹni pé ó kúrú, eré náà sì dà bí ẹni pé ó lọ́ra. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Bí áàpù ṣe ń fi àkọsílẹ̀ hàn nìkan ló yí padà, àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ wà bó ṣe wà, ẹ sì lè dá a padà nígbàkígbà. Ibi tí a ti ń yí i padà máa ń wà lẹ́yìn àwòrán kẹ̀kẹ́ eléyín tàbí lábẹ́ àwòrán yín, níbi tí wọ́n kọ "Units" sí. "Metric" ni ti kìlómítà, "Imperial" ni ti máìlì. Bí ẹ kò bá lè ka orúkọ ojú ìwé náà rárá, ẹ máa wá ojú ìwé tí "km" àti "mi", tàbí "kg" àti "lb", ti wà pa pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ẹ ó yàn nínú rẹ̀. Kò sí ojú ìwé mìíràn tó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, kí ẹ lè mọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Àmì kọ́mà àti àmì ìdánudúró tún yẹ fún àfiyèsí. Ní Faransé àti Jámánì, kọ́mà ni wọ́n fi ń ya odidi nọ́ḿbà sọ́tọ̀ kúrò lára ìdá rẹ̀, nítorí náà "5,02 km" níbẹ̀ ni "5.02 km" ti Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́nà kejì, Jámánì á kọ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ó lé díẹ̀ báyìí: "10.432", Gẹ̀ẹ́sì á sì kọ ọ́ ní "10,432". Bí nọ́ḿbà mẹ́ta bá tẹ̀lé àmì náà, tí ohun tí a sì ń kà jẹ́ ìṣísẹ̀, ẹgbẹ̀rún ni. Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà tí a sá ni, tí nọ́ḿbà kan tàbí méjì sì tẹ̀lé e, ìdá ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yẹ ohun tí áàpù mọ̀ nípa yín wò

Aago ọwọ́ kò mọ iye kálórì tí a lò, ìṣirò ló fi ń gbé e jáde láti inú ìwọ̀n ara, ọjọ́ orí, ìlùkìkì ọkàn àti ọ̀nà tí a rìn. Bí ohun tí a kọ síbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bá ti ṣì, gbogbo èyí tó jáde lẹ́yìn náà yóò ṣì. Àṣìṣe tí mo rí i pé ó pọ̀ jù níbi tí èdè kò bá ti yéni ni ti ìwọ̀n ara: áàpù béèrè ìwọ̀n ní "lb", tí í ṣe pọ́n-ùn, ẹni náà sì kọ 70 nítorí pé kìlógíráàmù 70 ni ó wọ̀n. Pọ́n-ùn 70 kò ju kìlógíráàmù 32 lọ, ìwọ̀n ọmọdé ni. Ohun tó yẹ kí ó kọ ni 154.

Bí a ṣe lè fura sí i nìyí. Ẹni tó ń sáré lórí ilẹ̀ títẹ́jú máa ń lo nǹkan bíi kálórì kan fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan lára rẹ̀ lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi 70 ṣe ìlọ́po 5.02, ẹ ó rí 351, èyí tó sún mọ́ 365 tí áàpù kọ, nítorí náà ìwọ̀n ara tó wà níbẹ̀ tọ̀nà. Bí áàpù bá kọ nǹkan bíi 160, ẹ lọ wo ojú ìwé "Profile", ó sì ṣeé ṣe kí ẹ rí "70 lb" níbẹ̀. Bí ó bá sì kọ 1,527, ẹ wo òṣùwọ̀n rẹ̀: ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ "kJ", tí í ṣe kìlójúùlù, nítorí pé kálórì kan lórí áàpù jẹ́ kìlójúùlù 4.184. Irú rẹ̀ kan náà ni "kcal" àti "Cal" tó fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀.

Lójú ìwé kan náà, ẹ wo ọdún ìbí yín. Àwọn kan máa ń kánjú kọjá lórí rẹ̀ nítorí pé wọn kò mọ ohun tí áàpù ń béèrè, tí ọdún tí áàpù fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ á sì dúró síbẹ̀. Ọdún yìí ni áàpù yóò fi ṣe gbogbo ohun tó kan ìpele ọkàn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ ibi tí ìpele ìlùkìkì ọkàn ti wá

Nígbà tí ẹni tí a mú ṣe àpẹẹrẹ fa ojú fóònù rẹ̀ sókè, ó rí èyí:

```
Zone 5   158 - 175 bpm    2:10
Zone 4   140 - 157 bpm   21:40
Zone 3   123 - 139 bpm    6:30
Zone 2   105 - 122 bpm    1:38
Zone 1    88 - 104 bpm    0:40
```

"Zone" ni ìpele. Nọ́ḿbà àárín ni ibi tí ìpele kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, èyí tó kẹ́yìn sì ni iye ìṣẹ́jú tí ọkàn lò níbẹ̀. Ẹ ro àkókò márààrún pọ̀: ó jẹ́ ìṣẹ́jú 32 àti ìṣẹ́jú àáyá 38, iye kan náà tí eré sísá gbà. Bí àròpọ̀ bá dín púpọ̀ sí àkókò eré, ó lè jẹ́ pé ọkàn wà nísàlẹ̀ ìpele àkọ́kọ́ fún ìgbà díẹ̀, tàbí kí aago má rí ìlùkìkì ọkàn kà nítorí pé kò fún mọ́ ọwọ́.

Ibi tí áàpù ti rí 175 tó wà lókè pátápátá ló yẹ ká mọ̀. Ọ̀pọ̀ áàpù máa ń yọ ọjọ́ orí kúrò nínú 220 láti mọ iye tí ọkàn lè lù dé nígbà tí a bá fi gbogbo agbára sáré. 220 dín 45 jẹ́ 175. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pín in: ìpele kìíní láti ìdá 50 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún, ìkejì dé 70, ìkẹta dé 80, ìkẹrin dé 90, ìkarùn-ún dé òkè. Ìṣirò mìíràn tún wà tí àwọn onímọ̀ gbé jáde lọ́dún 2001, èyí tó ń fi ọjọ́ orí ṣe ìlọ́po 0.7 kí ó tó yọ ọ́ kúrò nínú 208. Fún ẹni ọdún 45, méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nítorí èyí kejì fún un ní 176 àti ààbọ̀. Fún ẹni ọdún 60, àkọ́kọ́ á sọ pé 160, èkejì á sọ pé 166. Méjèèjì jẹ́ ìdíwọ̀n fún ọ̀pọ̀ ènìyàn pa pọ̀. Ọkàn ẹnì kan lè fi ìlù mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ga ju èyí tí ìṣirò sọ lọ, tàbí kí ó rẹlẹ̀ sí i, láìsí pé àìsàn kankan ń ṣe é.

Àwọn áàpù mìíràn kò gbára lé òkè nìkan. Apple Watch, fún àpẹẹrẹ, máa ń wo àlàfo tó wà láàárín ìlùkìkì ọkàn ìgbà ìsinmi àti ti òkè, àlàfo yìí ni ó sì ń pín sí ìpele. Lára ẹni tí a mú ṣe àpẹẹrẹ, 175 dín 65 jẹ́ 110. Ẹ wo bí 148, tí í ṣe ìpíndọ́gba ìlùkìkì ọkàn rẹ̀, ṣe rí lábẹ́ ọ̀nà méjèèjì:

```
148 / 175               = 85%   Zone 4
(148 - 65) / (175 - 65) = 75%   Zone 3
```

Eré kan náà ni, ọkàn kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni. Áàpù kan á fi àwọ̀ tó ń kìlọ̀ kọ ọ́ pé eré náà le, èkejì á sì sọ pé kò le jù. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí a fi ìpele tó wà lórí aago kan wé ti aago mìíràn, tàbí kí a gba ìmọ̀ràn ẹnì kan pé "ẹ dúró ní ìpele kejì" láìbéèrè irú ìṣirò tí ó ń lò. Fún ẹni yìí, ìpele kejì bẹ̀rẹ̀ láti 105 dé 122 lábẹ́ ìṣirò àkọ́kọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti 131 dé 142 lábẹ́ ìkejì. Ẹni tó ń rìn kánmọ́kánmọ́ lè wà nínú àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ó ní láti sáré kí ó tó wọ inú ìkejì.

Láti mọ èyí tí áàpù yín ń lò, ẹ ṣí ojú ìwé "Heart Rate Zones". Bí ẹ bá rí "% Max HR", ti òkè nìkan ni. Bí ẹ bá rí "HRR" tàbí "Heart Rate Reserve", ti àlàfo ni. Bí kò bá kọ ọ̀kankan, ẹ wo nọ́ḿbà tí ìpele kìíní fi bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ààbọ̀ nọ́ḿbà òkè gan-an, bí 88 ṣe jẹ́ ààbọ̀ 175, ti òkè nìkan ni. Bí ó bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ẹ wò ó bóyá ti àlàfo ni: tirẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ láti 120 fún ẹni yìí. Àwọn áàpù kan kì í lo nọ́ḿbà, orúkọ ni wọ́n ń lò, bíi "Fat Burn", "Cardio" àti "Peak", èyí tí wọ́n tò láti orí ìrọ̀rùn dé orí líle. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ àkọ́kọ́ yẹn, tó ń sọ nípa jíjó ọ̀rá, mú yín rò pé ọ̀rá kì í jó ní àwọn ìpele yòókù. Ọ̀rá kó ìpín tó pọ̀ jù nínú agbára tí ara ń lò nígbà tí eré kò bá le, ohun tí orúkọ náà ń tọ́ka sí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn oògùn kan wà tí dókítà ń kọ fún ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn tí wọ́n máa ń dín lílù ọkàn kù. Lára ẹni tó ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀, gbogbo ìpele tí a fi ọjọ́ orí ṣírò kò wúlò mọ́, nítorí pé ó lè ti máa mí hẹlẹ nígbà tí áàpù ṣì ń sọ pé ìpele kejì ló wà. Dókítà ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ béèrè nọ́ḿbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àyà bá ń dunni tàbí òòyì bá ń kọ́ni, kí a dúró, ohun yòówù kí áàpù máa sọ.

Ó ku àṣìṣe kan tí aago fúnra rẹ̀ máa ń ṣe. Iná aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn aago ló ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn lábẹ́ awọ. Nígbà tí aago bá ń mì lọ́wọ́, ó lè ṣi ìmìtìtì ìṣísẹ̀ mú, kí ó máa kà á bí ẹni pé ọkàn ni. Ẹ ó mọ̀ bí ìlùkìkì ọkàn bá fò lójijì láti nǹkan bíi 130 lọ sí 168, tí ó dúró síbẹ̀ gbọin, tí nọ́ḿbà "spm" náà sì jẹ́ 168. Ọkàn kì í bá ẹsẹ̀ dọ́gba lọ́nà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ gbé aago kúrò lórí eegun ọrùn ọwọ́, kí ó fi nǹkan bí ìwọ̀n ìka méjì ga sí apá, ẹ fún un mọ́ra díẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí ara yín móoru díẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ eré. Bí kò bá dáwọ́ dúró, okùn tí a ń dè mọ́ àyà ló ń ka ọkàn dáadáa jù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: nígbà tí ìkìlọ̀ bá jáde, ẹ wá ibi tí ọ̀nà ti dí

Ọ̀nà méjì tó tẹ̀léra ni àkọsílẹ̀ ń gbà. Ó kọ́kọ́ máa ń ti inú aago bọ́ sínú fóònù nípasẹ̀ Búlútúùtù, lẹ́yìn náà ni fóònù á fi íńtánẹ́ẹ̀tì gbé e lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù. Ní àwọn ìgbà mìíràn, áàpù kan tún máa ń gbé e fún áàpù kejì nínú fóònù kan náà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó máa rí jù ni "Sync", tí í ṣe gbígbé àkọsílẹ̀ kọjá kí ti aago àti ti fóònù lè dọ́gba. "Syncing" túmọ̀ sí pé ó ń lọ lọ́wọ́, "Sync failed" túmọ̀ sí pé kò kọjá, "Last synced" sì ń sọ ìgbà tó kọjá kẹ́yìn.

Ẹ máa wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ìkìlọ̀ náà. Bí ẹ bá rí "Bluetooth", "device" tàbí "watch", àárín aago àti fóònù ni ọ̀nà ti dí. Bí ẹ bá rí "offline", "network", "server" tàbí "upload", aago ti ṣe tirẹ̀, íńtánẹ́ẹ̀tì ló kù. Bí ẹ bá rí "permission", "access" tàbí "allow", fóònù ló ń béèrè àṣẹ lọ́wọ́ yín. Ẹ wo àpẹẹrẹ méjì yìí:

```
Sync failed. Make sure Bluetooth is on and your watch is nearby.
```

```
You're offline. 1 activity waiting to upload.
```

Èkejì kò mú ewu lọ́wọ́. Ó ń sọ pé eré sísá kan ti wà nínú fóònù, pé yóò gòkè lọ nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá dé. Ohun tó lè sọ ọ́ nù ni kí ẹ yọ áàpù kúrò lórí fóònù kí ó tó gòkè, nítorí náà, ẹ fi sílẹ̀ títí ẹ ó fi rí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Àkọ́kọ́ ló ń béèrè sùúrù. Kí ẹ tó fọwọ́ kan fóònù, ẹ lọ sínú aago, ẹ ṣí "History" tàbí "Activities", ẹ wò bóyá eré sísá náà wà níbẹ̀. Bí ó bá wà, kò tíì sọnù. Lẹ́yìn náà, ẹ rí i dájú pé bátìrì aago kò tíì fẹ́ tán, ẹ gbé e sún mọ́ fóònù, ẹ pa Búlútúùtù, ẹ tún un tan, ẹ sì ṣí áàpù kí ẹ fa ojú ìwé àkọ́kọ́ wálẹ̀ tàbí kí ẹ tẹ "Sync now". Bí fóònù tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì mìíràn tí ẹ ti lò rí bá wà nítòsí, ẹ pa Búlútúùtù tirẹ̀, nítorí pé ó lè ti gba aago náà mọ́ra. Bí kò bá tíì lọ, ẹ pa aago àti fóònù, kí ẹ tún wọn tan. Ọ̀pọ̀ ìkìlọ̀ kì í kọjá ibi báyìí.

Bí ó bá jẹ́ pé ó máa ń kọjá nígbà tí ẹ bá ṣí áàpù, ṣùgbọ́n tí kì í kọjá fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ àṣẹ ni. Lórí Android 12 àti àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀, àṣẹ tí áàpù nílò ni "Nearby devices". Lórí àwọn tó ṣáájú rẹ̀, "Location" ni fóònù máa ń béèrè kí ó tó lè wá aago lórí Búlútúùtù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aago kò wá ibi tí ẹ wà. Ẹ tún wo ibi tí fóònù ti ń ṣọ́ bátìrì: ẹ ṣí "Settings", "Apps", orúkọ áàpù náà, lẹ́yìn náà "Battery", kí ẹ yan "Unrestricted", kí fóònù má bàa máa pa áàpù náà nígbà tí ẹ kò wò ó. Lórí iPhone, "Background App Refresh" ni kí ẹ tan, kí ẹ má sì máa fi ìka ti áàpù náà jáde kúrò lára àwọn tó ṣí.

Àwọn bọ́tìnì tí a kì í tẹ̀ láìmọ ohun tí wọ́n ń ṣe

Ìkìlọ̀ fúnra rẹ̀ kì í ba àkọsílẹ̀ jẹ́. Bọ́tìnì tí a tẹ̀ nítorí ìpayà ló ń bà á jẹ́. "Retry" túmọ̀ sí kí ó tún gbìyànjú, "Cancel" túmọ̀ sí kí ó fi sílẹ̀, méjèèjì kò sì léwu nínú ìkìlọ̀ tí àkọsílẹ̀ kò kọjá. "Discard" àti "Delete" túmọ̀ sí pé kí ó sọ ọ́ nù. "Factory reset" á nu gbogbo ohun tó wà nínú aago, títí kan eré tí kò tíì dé inú fóònù. "Remove device" á já aago kúrò lára áàpù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn aago kan wà tí wọn kò ní gbà kí a tún wọn so pọ̀ láìkọ́kọ́ nù wọ́n. Bí àwọ̀ pupa bá wà lára bọ́tìnì kan tí ẹ kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sí i, ẹ jáde kúrò lójú ìwé náà.

Ọ̀rọ̀ méjì tó jọra tún wà nígbà tí áàpù bá kọ "Session expired", tí í ṣe pé kí ẹ tún wọlé. "Sign in" ni ti ẹni tó ti ní orúkọ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. "Sign up" á ṣí ibi tuntun tí kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀, gbogbo eré àtẹ̀yìnwá á sì dà bí ẹni pé ó pòórá, nígbà tó jẹ́ pé ó wà lábẹ́ ímeèlì àkọ́kọ́. Bí èyí bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má so aago mọ́ ibi tuntun náà. Ẹ jáde, kí ẹ fi ímeèlì àtijọ́ wọlé.

Bí ó bá di dandan láti nu aago, tí eré kan tí ẹ kò fẹ́ pàdánù sì wà nínú rẹ̀, ẹ wò ó bóyá a lè fi okùn so aago mọ́ kọ̀ǹpútà. Lórí ọ̀pọ̀ aago Garmin, ẹ ó rí àwọn fáìlì eré yín níbi yìí, orúkọ wọn á sì parí pẹ̀lú `.fit`:

```
GARMIN/Activity
```

Ẹ dà wọ́n kọ sórí kọ̀ǹpútà. A lè gbé wọn wọ inú áàpù lẹ́yìn náà láti ojú ìwé "Import". Ẹ má sì jẹ́ kí ó pẹ́ jù kí ẹ tó wá nǹkan ṣe sí ìkìlọ̀ tó ń padà wá, nítorí pé aago kì í pa àkọsílẹ̀ mọ́ títí láé. Ọ̀pọ̀ aago Fitbit, fún àpẹẹrẹ, kì í tọ́jú kúlẹ̀kúlẹ̀ ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú ju ọjọ́ méje lọ.

Nígbà tí àkọsílẹ̀ bá ti kọjá, ẹ fi ìṣísẹ̀ òní tó wà lórí aago wé èyí tó wà nínú áàpù. Bí méjèèjì bá dọ́gba, tí "Last synced" sì ń sọ àkókò tí ẹ wà yìí, ó ti parí. Bí ti áàpù bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti aago, ó jẹ́ pé fóònù tó wà lápò yín náà ń ka ìṣísẹ̀ pẹ̀lú aago; ẹ lọ sí ibi tí áàpù ti ń yan orísun àkọsílẹ̀, kí ẹ fi aago sókè tàbí kí ẹ pa ti fóònù. Bí eré kan náà bá sì hàn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó pa ọ̀kan rẹ́, kí ẹ lè rí i pé èyí tí ẹ fi sílẹ̀ ni ìlùkìkì ọkàn wà nínú rẹ̀.